‘San’ Ni àbí ‘Ran’? Bí A Ṣe Ń Ka Lẹ́tà Àtijọ́ Tí Tàdáwà Rẹ̀ Ti Ṣá

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú lẹ́tà lè dá ẹjọ́ tí ẹbí ti ń rò láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1954, ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà kọ lẹ́tà láti Kùmásì sí àbúrò rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí a ń gbọ́ nílé ni pé ó yá owó lọ́wọ́ bàbá wọn kí ó tó lọ ṣòwò, kò sì dá kọ́bọ̀ padà. Gbólóhùn kan nínú lẹ́tà náà sọ̀rọ̀ owó ọ̀hún, ṣùgbọ́n ìtẹ̀pọ̀ bébà gba àárín rẹ̀ kọjá, tàdáwà sì ti ṣá.

Àwòrán ni mo kọ́kọ́ bójú tó. Iná fóònù ti tàn sí àárín bébà, ó sì bo ohun tí mo ń wá. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi tí lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tẹ́ ẹ sẹ́bàá fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ó sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì kí ó má baà súnkì. Mo sọ ọ́ di dúdú àti funfun, mo sì mú kí dúdú rẹ̀ túbọ̀ dú.

Lẹ́yìn náà, n kò tíì fọwọ́ kan gbólóhùn tó ṣòro. Inú àwọn ọ̀rọ̀ tó dá mi lójú ni mo ti kó ábídí òǹkọ̀wé náà jọ. ‘Kumasi’ àti ‘si’ fi bí ó ṣe ń kọ s hàn mí. ‘Aburo’ àti ‘rẹ’ fi r rẹ̀ hàn. Ọwọ́ ìkọ̀wé tí lẹ́tà so mọ́ra ni, àkọtọ́ ayé àtijọ́ ni ó sì lò: ‘nwọn’, ‘enia’, ‘aiye’. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rí n àti w tó fara kọ́ra, yóò sì pè é ní m.

Ohun tí mo rí nínú gbólóhùn náà nìyí:

Ninu £? ti mo ya lọwọ Baba, mo ti ?an £4 lati ọwọ A..., o ku £?

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lè jẹ́ 1 tàbí 7. Ṣùgbọ́n a kò lè mú £4 jáde nínú £1 kí ó tún ṣẹ́ kù. Mo wo 1 tó wà nínú ‘1954’: igi lásán ni. Èyí ní ìlà lórí, nítorí náà, 7 ni. Bí a bá yọ 4 kúrò nínú 7, ó ku 3. Ìtẹ̀kọ̀rọ̀ méjì tó ṣẹ́ kù lórí bébà sì bá 3 mu.

Ọ̀rọ̀ ‘?an’ ló le jù. ‘San’ ni gbogbo ilé fẹ́, kí a lè sọ pé ó san gbèsè. Ṣùgbọ́n ‘ran’ náà bá a mu: a lè rán owó láti ọwọ́ ènìyàn. Ìtumọ̀ kò lè yàn láàárín méjèèjì. Ìrísí lẹ́tà ni yóò yàn. Gègé a máa fi tàdáwà púpọ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀ sì ni nígbà tó bá ń gòkè. Ìdí nìyí tí ìlà tó ń gòkè fi ń kọ́kọ́ pa rẹ́. Ikùn s tí ó máa ń yọ sísàlẹ̀ nínú ‘si’ rẹ̀ nípọn, ó yẹ kí ó ṣẹ́ kù. N kò rí ikùn kankan níbẹ̀. Èjìká pẹrẹsẹ bíi ti ‘rẹ’ ni mo rí. ‘Ran’ ni.

Èyí yí ìtàn wa padà. Ó sọ pé òun rán £4, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò sọ pé owó náà dé ọwọ́ Baba. Kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ará ilé tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A. Mo kọ̀. Gírámà àti ìṣirò lè fún wa ní ọ̀rọ̀ tàbí nọ́ńbà tó fara sin, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè fún wa ní orúkọ ènìyàn. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A pọ̀ jù, ẹni tí a bá sì kọ síbẹ̀ di olè nínú ibojì rẹ̀.

Bí mo ṣe wá dà á kọ nìyí, tí gbogbo ohun tí mo fi òye gbé wà nínú àkámọ́:

Ninu £7 ti mo ya lọwọ Baba, mo ti [r]an £4 lati ọwọ A[...], o ku £[3].

N kò tún àkọtọ́ rẹ̀ ṣe, n kò sì fi àmì ohùn sí i. Àwòrán náà àti àdàkọ yìí wà pa pọ̀ nínú fáìlì kan náà, kí ẹni tí ojú rẹ̀ bá mú ju tèmi lọ lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.