Ọmọ Tí Wọn Ò Kà, Abẹ́rẹ́ Rẹ̀ Kì Í Dé

Bí ẹ bá gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí nọ́ọ̀sì sì sọ pé oògùn ti tán, ẹ lè rò pé wọ́n ti jí i tà ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé oògùn náà kò tó láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé iye ọmọ tí ìjọba kọ sílẹ̀ fún wọ́ọ̀dù yín kéré sí iye ọmọ tó wà níbẹ̀.

Níbo ni wọ́n ti ń rí iye yẹn? Ní ọ̀pọ̀ ibi, láti inú ètò ìkànìyàn ni. Èyí tí a ṣe ní oṣù kẹta ọdún 2006 sọ pé a jẹ́ 140,431,790 ní Nàìjíríà. Èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba sún un síwájú nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ kù díẹ̀. Nítorí náà, iye ti 2006 ni wọ́n ń fi èèyàn tó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún kún. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbà pé nínú èèyàn 100, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan jẹ́ 4. Bí àṣìṣe bá wà nínú iye àkọ́kọ́, òun náà ń dàgbà lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́ọ̀dù kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìwé sọ pé èèyàn 10,000 ló wà níbẹ̀, oògùn ọmọ 400 ni wọ́n ń retí. Ṣùgbọ́n èèyàn 12,000 ló ń gbé ibẹ̀, ọmọ ọwọ́ sì jẹ́ 480. Nọ́ọ̀sì sáré sókè sáré sódò, ó wá oògùn kún oògùn, ó fún ọmọ 420 ní abẹ́rẹ́. Lórí ìwé, ó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ 105 nínú 100! Wọ́n á yìn ín ní ìjọba ìbílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọmọ 60 wà nílé tí abẹ́rẹ́ kò kàn, kò sì sí ẹni tó ń wá wọn, nítorí pé lójú ìwé, wọn kò sí láyé. Ibi tí ẹ bá ti rí ìròyìn tó ju 100 nínú 100 lọ, ẹ fura. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ wọ́ọ̀dù kejì ló wá gbà á níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan bu iyọ̀ sí ìwé, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ìkànìyàn ló fo àwọn kan. Bákan náà ni yàrá ìkàwé: ọmọ tí wọ́n fò ní 2006 nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, ní 2012 ó jókòó sórí ilẹ̀ ní kíláàsì kìn-ín-ní.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fo èèyàn? Wọ́n á kọ́kọ́ pín ìlú sí agbègbè kéékèèké, wọ́n á kọ nọ́ńbà sára ilé, lẹ́yìn náà akànìyàn á máa kan ilẹ̀kùn. Nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, ẹnì kan ṣoṣo tó wà nílé lè dáhùn fún gbogbo èèyàn. Kò ní rántí ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí ọmọ iṣẹ́ tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ọlọ́mọ tuntun náà lè dákẹ́, torí àwọn àgbà wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn mìíràn nínú wa sì ń tọ́ka sí ìyà tó tẹ̀ lé kíkà tí Dáfídì ka Ísírẹ́lì, wọ́n sì gbàgbé pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kí Mósè kà wọ́n nínú aginjù. Ní tèmi, kò sí ohun tí ó kan akànìyàn tó mú bírò dání nínú ọ̀rọ̀ Dáfídì.

Ti àwọn olóṣèlú tún wà ńbẹ̀, torí pé iye èèyàn ni wọ́n fi ń pín owó àti ìjókòó ní Àbújá. Ní 2006, àjọ ìkànìyàn sọ pé Èkó jẹ́ 9,113,605. Ìjọba Èkó ní kíkà tiwọn fi hàn pé ó jẹ́ 17,552,942.

Ọ̀nà kan wà láti wọn iye tí wọ́n fò. Lẹ́yìn kíkà, àwọn mìíràn tí kò bá wọn ka ti àkọ́kọ́ á padà sí agbègbè díẹ̀, wọ́n á tún un kà, wọ́n á sì fi orúkọ wé orúkọ. Bí wọ́n bá rí èèyàn 200, tí 180 péré nínú wọn wà nínú ìwé àkọ́kọ́, a jẹ́ pé wọ́n fo ẹnì kan nínú mẹ́wàá níbẹ̀.

Bí akànìyàn bá wá kanlẹ̀kùn yín, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí baálé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó kéré jù, ìbáà ṣe pé àná ni wọ́n bí i tí a kò tíì sọ ọ́ lórúkọ, kí ẹ sì ka gbogbo ibi tí èèyàn sùn mọ́jú, títí kan ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.