Fítámì Tí Ń Bá Ìtọ̀ Lọ àti Èyí Tí Ń Fi Ẹ̀dọ̀ Ṣe Ilé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di bí òwe lẹ́nu ọ̀pọ̀ òbí, àní lẹ́nu olùkọ́ mìíràn pàápàá: wọ́n a ní fítámì kì í pọ̀jù lára ènìyàn. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà súnmọ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ìdajì kejì léwu. Èrò tèmi ni pé kò tọ́ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìdajì ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1597. Àwọn atukọ̀ ará Họ́láǹdì tí wọ́n bá Wílẹ̀mù Báréntsì rìn há sí erékùṣù Nófáyà Sẹ́mílíà, níbi tí òkun ti di yìnyín. Wọ́n pa béárì funfun kan, wọ́n sì se ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ. Àìsàn kọlù wọ́n. Ti àwọn mẹ́ta le tó bẹ́ẹ̀ tí awọ ara wọn fi bó láti orí dé ẹsẹ̀. Gẹ́rítì dẹ Fíà, ọ̀kan nínú wọn, ni ó kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ó di ọdún 1943 kí Róódáàlì àti Múà tó fi hàn pé fítámì A ni májèlé náà. Gíráàmù kan péré nínú ẹ̀dọ̀ béárì bẹ́ẹ̀ lè ní yúníìtì 13,000, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí 3,000 ni ọkùnrin àgbà nílò lóòjọ́. Ẹni tí ó bá jẹ gíráàmù 100 ti gbé fítámì tí ó tó o lò fún ọjọ́ tí ó lé ní 400 mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí ló dé tí ara kò fi lè da àpọ̀jù náà nù? Ìdí rẹ̀ ni pé fítámì A kì í yòrò nínú omi; inú ọ̀rá ni ó ti ń yòrò. Òun àti ọ̀rá oúnjẹ ni wọ́n jọ ń wọ ara, ẹ̀dọ̀ a sì kó o pamọ́ bí àgbẹ̀ ti í kó àgbàdo sí àká. Nígbà tí ara bá fẹ́ ẹ, ẹ̀dọ̀ a fi èròjà kan tí ó dà bí alárù gbé e sínú ẹ̀jẹ̀. Alárù yìí àti ẹrù rẹ̀ kò lè gba ojú asẹ́ kíndìnrín kọjá, nítorí náà ìtọ̀ kì í gbé e jáde. Bí àká bá wá kún, fítámì a bẹ̀rẹ̀ sí rìn nínú ẹ̀jẹ̀ láìsí alárù, a sì máa ba ibi tí ó bá kàn jẹ́. Orí fífọ́, èébì, oorun àsùnjù àti awọ bíbó ni àmì rẹ̀. Ibi rírọ̀ tí ó wà ní àtàrí ọmọ ọwọ́ a sì máa wú.

Ti fítámì C yàtọ̀. Omi ni ó ti ń yòrò. Bí ènìyàn bá gbé púpọ̀ mì, ìfun kò ní gba gbogbo rẹ̀. Kíndìnrín náà a sẹ́ èyí tí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀, a dá ìwọ̀nba tí ara nílò padà, a sì jẹ́ kí ìyókù bá ìtọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ èyí di òfin tí kò ní àyọkúrò: fítámì B6 ń yòrò nínú omi, síbẹ̀ ẹni tí ó bá ń lo àpọ̀jù rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè ba iṣan ìmọ̀lára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Àká inú ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ni ó ń ṣe wá lóore ní Nàìjíríà. Nítorí rẹ̀ ni àwọn elétò ìlera ṣe ń fún ọmọ oṣù 6 sí 11 ní yúníìtì 100,000 lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì ń fún ọmọ ọdún 1 títí kan ọmọ tí kò ì pé ọdún 5 ní 200,000 ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ọmọ náà a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ìyá tí kò bá fi káàdì ọmọ rẹ̀ pamọ́, tí ó gba òmíràn ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí ó sì tún ń fi òróró ẹ̀dọ̀ ẹja kún un lójoojúmọ́, ń da àgbàdo sínú àká tí ó ti kún. Aboyún ní láti ṣọ́ra jù lọ, nítorí àpọ̀jù fítámì A ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún lè ba ẹ̀dá ọmọ inú jẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sá fún epo pupa wa. Fítámì A gan-an kọ́ ni ó wà nínú rẹ̀, bí kò ṣe kárótìnì, èyí tí ara ń sọ di fítámì A. Bí àká bá ti kún, ara a dín iṣẹ́ náà kù. Àpọ̀jù kárótìnì kò ju kí ó sọ àtẹ́lẹwọ́ di pípọ́n rẹ́súrẹ́sú lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ orúkọ fítámì sára pátákó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pín in sí ọ̀nà méjì: A, D, E àti K tí ń bá ọ̀rá rìn ní apá kan, C àti àwọn B tí ń bá omi rìn ní apá kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn ọmọ léèrè ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà jáde kúrò nínú ara.