Ìbáwí Kì í Ṣe Ẹgba: Bí Ariwo àti Pàṣán Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Wa Ní Irọ́



Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Onírèké, mo sì gbọ́ ohùn ìyá kan láti ilé kejì: "Ta ló fọ́ ife yìí?" Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ó tún jágbe, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró pàṣán, ẹkún sì sọ. Láàárín ẹkún náà ni ọmọ ti ń sọ pé, "Kì í ṣe èmi, ológbò ni." Ilé náà kò ní ológbò.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí ní ìpàdé wa, tí mo sì ní pàṣán ni ó kọ́ ọmọ náà ní irọ́ ológbò, àgbà kan dá mi lóhùn pé àṣà wa ni ẹgba, pé ẹni tí ó bá ní kí a má na ọmọ ń ṣe òyìnbó ni. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà náà, ṣùgbọ́n n kò gbà.

Iṣẹ́ èdè ni mo kọ́, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ní fún dídá ọmọ tí ó ṣìnà padà ni ìbáwí. Ẹ tú u wò: "bá" àti "wí". Ẹni tí ó bá ọmọ wí, ó bá a sọ̀rọ̀ ni. Nínà ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀, ìyẹn "nà". Ìjìyà náà ní tirẹ̀, "jẹ ìyà". Àwọn baba wa kò pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ọ̀kan. N kò sọ pé wọn kì í na ọmọ. Wọ́n ń nà wọ́n, àtòrì kì í sì í ṣe ohun àlejò ní ilé wa. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni wọ́n sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí, tí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Àwọn náà ni wọ́n ń yin ọmọ tí ó mọ ojú, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kàn wò lójú ní àárín àlejò, tí ó sì mọ̀ pé kí òun dìde. Ẹni tí a ń jágbe mọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò lè mọ ojú láé, nítorí ariwo ti kọ́ ọ pé ohun tí kò bá pariwo kò ṣe pàtàkì.

Bí ó bá sì jẹ́ ti ta ni ó ni pàṣán, ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́. Ìwé Òwe inú Bíbélì ni ọ̀rọ̀ ọ̀pá tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí ti wá. Òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ ní 1916 ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òbí àti olùkọ́ lè fi lílù tọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 sọ́nà, ó sì wà nínú abala 295 títí di òní. Ẹni tí ó bá ń gbèjà pàṣán ní orúkọ Ìṣẹ̀ṣe, kí ó kọ́kọ́ yẹ ibi tí ó ti gba ohun ìjà rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ àṣà nìkan kọ́ ni mo fẹ́ fi jà. Ohun tí ó dun mi jù ni irọ́. Ní 2011, Victoria Talwar àti Kang Lee, onímọ̀ nípa ọpọlọ ọmọdé ní Kánádà, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni méjì ni wọ́n lò, ní àdúgbò kan náà. Ní ọ̀kan, wọ́n ń fi igi lu ọmọ, wọ́n ń gbá a létí, wọ́n ń já a léèékánná, kódà nítorí pé ó gbàgbé pẹ́ńsù. Ní èkejì, wọn kì í lu ọmọ. Wọ́n máa ń bá a wí tàbí kí wọ́n mú un jókòó sí apá kan, bí ẹ̀ṣẹ̀ bá sì wúwo, wọ́n á mú un lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Ọmọ ọdún 3 àti 4 ni wọ́n pè, wọ́n jẹ́ 84. A ní kí ọmọ kọ ẹ̀yìn sí ohun ìṣeré, kí ó fi ìró rẹ̀ mọ ohun tí ó jẹ́. Èyí tí ó kẹ́yìn, ìró rẹ̀ kò bá ohun ìṣeré náà mu rárá, nítorí náà ẹni tí kò bá wòye kò lè mọ̀ ọ́n. Àgbàlagbà á wá sọ fún ọmọ pé kí ó má bojú wẹ̀yìn, á sì jáde.

Ní ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì, púpọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ni ó bojú wẹ̀yìn. Ẹ dúró níbẹ̀ ná: pàṣán kò dá ojú wọn dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi wọ́n bóyá wọ́n wò ó, díẹ̀ lé ní ìdajì àwọn tí ó wò ní ilé ẹ̀kọ́ tí kò lo pàṣán ni ó purọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ pàṣán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Irọ́ tiwọn sì tún dán ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Nígbà tí a bi wọ́n pé kí ni ohun ìṣeré náà, wọ́n díbọ́n pé àwọn kò mọ̀ ọ́n, kí ẹnu má baà tú wọn. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tí pàṣán kọ́ wọn: ìgbọràn kò pọ̀ sí i, ọgbọ́n irọ́ ni ó pọ̀ sí i.

Èéṣe tí òbí fi gbà pé ẹgba ń ṣiṣẹ́? Nítorí pé lójú ẹsẹ̀ ni ariwo ọmọ dáwọ́ dúró. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni èrè òbí, òun ni ó ń fà á padà sídìí pàṣán ní ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni ó dá ọmọ dúró, ẹ̀rù sì ń di ohun tí a mọ̀ lára. Ẹgba méjì tí ó tó lánàá á di mẹ́rin lọ́la. Ọmọ tí ẹ̀rù bá sì kún inú rẹ̀ kò gbọ́ ẹ̀kọ́ tí a so mọ́ ẹgba náà. Bi í léèrè lẹ́yìn wákàtí kan: ó rántí bí ó ti dùn ún tó, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe dípò ohun tí ó ṣe.

Èmi náà ti wà lára àwọn tí ń nà. Ọmọ mi ọkùnrin, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 9, kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo pariwo, mo nà án. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó ní olùkọ́ kò fún wọn ní iṣẹ́. Ọjọ́ tí mo rí ìwé mẹ́rin lábẹ́ ibùsùn ni mo mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ ọ. Ohun tí èmi àti ìyá rẹ̀ wá ṣe nìyí.

Èkíní, a dẹ́kun pípè é láti yàrá kejì. Bí a bá pe ọmọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí a tó jágbe, a ti kọ́ ọ pé ìpè mẹ́ta àkọ́kọ́ kò já mọ́ nǹkan. Mo máa ń lọ bá a, màá pe orúkọ rẹ̀, màá wo ojú rẹ̀, màá sì sọ ohun kan ṣoṣo: "Aago mẹ́rin ti lù, mú ìwé ìṣirò rẹ wá sórí tábìlì." Lẹ́yìn náà, màá dákẹ́, màá dúró.

Èkejì, a fi ìlànà lélẹ̀ ṣáájú, nígbà tí ara gbogbo wa balẹ̀: iṣẹ́ kí ó tó kan bọ́ọ̀lù. Bí iṣẹ́ kò bá parí di aago mẹ́fà, kò sí bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ kejì, a ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kéré, ó sì bá ẹ̀ṣẹ̀ náà tan. Òbí tí ó bá ní "o kò ní ṣeré mọ́ fún oṣù kan" mọ̀ pé òun kò lè mú un ṣẹ, ọmọ náà mọ̀ ọ́n. Ohun kékeré tí kì í yẹ̀ ni ó ń kọ́ ọmọ.

Ẹ̀kẹta ni ó jẹ mọ́ irọ́. A kò tún bi í ní ìbéèrè tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí mo bá ti rí ìwé tí kò kọ nǹkan sí, tí mo wá ń bi í pé "Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ rẹ?", pańpẹ́ ni mo dẹ, irọ́ ni yóò kó sí i. Màá sọ pé, "Mo rí i pé iṣẹ́ yìí kò tíì parí. Báwo ni a ó ṣe parí rẹ̀?" A sì ṣe àdéhùn pé ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, àtúnṣe nìkan ni yóò ṣe, kò ní pàdánù eré. Bí ó bá fọ́ ife, yóò gbá a, yóò sì fi díẹ̀ nínú owó ọwọ́ rẹ̀ kún owó òmíràn.

Ẹ̀kẹrin ni oríkì. A ní ohun ìwúrí tí àwọn onímọ̀ òkèèrè ń wá kiri, a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ní ọjọ́ tí ó bá jókòó ti ìwé láìjẹ́ pé a rán an létí, ìyá rẹ̀ á kì í, á sì dárúkọ ohun tí ó ṣe gan-an.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó sunkún, ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, ó ní a kò fẹ́ràn òun. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń sọ pé ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́, tí wọ́n á tún mú pàṣán. Ọmọ ń dán ògiri wò ni, kí ó mọ̀ bóyá yóò wó. Bí ẹ bá juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ ti kọ́ ọ pé ọjọ́ márùn-ún ni kí ó fi sunkún. Àmì tí mo fi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ ni pé àkókò tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ mi àti ìdìde rẹ̀ ń kúrú. Àmì kejì dé lẹ́yìn bí oṣù kan: ó wá bá mi, ó ní, "Bàbá, mo sọ kọ́mpáàsì mi nù." N kò bi í tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà yìí ní ààlà tirẹ̀. Bí ọmọ bá ń sáré sí títì Dùgbẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, ẹ kígbe, ẹ fà á. Igbe tí a kì í ké lójoojúmọ́ ni ọmọ ń gbọ́ ní ọjọ́ ewu. Bí ìlànà kò bá sì ṣiṣẹ́ rárá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ yẹ etí rẹ̀, ojú rẹ̀ àti oorun rẹ̀ wò, kí ẹ sì wò ó bóyá ó lè ka ìwé náà. A ti na ọ̀pọ̀ ọmọ fún oríkunkun, nígbà tí ó jẹ́ pé wọn kò rí pátákó ni. Bí ìyá àgbà bá sì ń dá bọ́ọ̀lù padà ní kọ̀rọ̀, ìlànà kò sí mọ́. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ̀.

Àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ òfin ọmọdé ti Benin, tí ó fi òfin de lílu ọmọ ní 2015. Togo ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2007. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2006, síbẹ̀ pàṣán wà lórí tábìlì olùkọ́. Kí àwa tí a ń pe ara wa ní onítọ̀ọ́jú àṣà má jẹ́ ẹni ìkẹyìn.

Ifá sọ fún wa pé Ọ̀rúnmìlà fẹ́ Ìwà, pé ó ń ṣe àròyé lórí rẹ̀ títí Ìwà fi bá tirẹ̀ lọ, àti pé nígbà tí ó lọ tán ni Ọ̀rúnmìlà tó mọ iyì rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Bí ariwo bá lè lé Ìwà kúrò ní ilé Ọ̀rúnmìlà, ilé ta ni yóò dúró sí nínú ilé wa? Mo bi àgbà tí ó dá mi lóhùn ní ìpàdé ní ìbéèrè yìí. Mo ń retí èsì.