Lẹ́fẹ́réèjì kọ́ ló jẹ owó yín, lọ́ọ̀tì ni

1/ Láti àná ni gbogbo yín ti ń bú lẹ́fẹ́réèjì. Ẹ ní 1:500 ló ń pa àwọn ọmọ fọ́rẹ́ẹ̀sì. Èmi ò gbà o. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ní Kàbà níbí.

2/ Dọ́là 100 ni ẹ̀gbọ́n ní nínú àkáǹtì. Ó ra EUR/USD ní 1.1000, lọ́ọ̀tì 0.10. Ẹ wò ó dáadáa: lọ́ọ̀tì 0.10 túmọ̀ sí yúrò 10,000, ìyẹn dọ́là 11,000. Ẹni tó ní 100 lọ́wọ́ ló gbé ẹrù 11,000 rù. Ìlọ́po 110 nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì yàn án.

3/ Kí wá ni iṣẹ́ 1:500? Iye tí bùrókà máa dè mọ́lẹ̀ bí ìdógò nìkan ló ń sọ. 11,000 ÷ 500 = dọ́là 22. Ìdógò yẹn là ń pè ní májíìnì. Wọn ò ná an, ẹ ṣáà ni ò lè fọwọ́ kàn án títí ẹ fi máa pa òwò náà dé.

4/ Ní lọ́ọ̀tì 0.10, pípù kan jẹ́ dọ́là 1. Lọ́dọ̀ bùrókà tirẹ̀, tí `Equity` bá bọ́ sí iye májíìnì (100%), ìkìlọ̀ á dé. Tó bá di ìdajì májíìnì (50%), wọ́n á pa òwò dé fúnra wọn. Ìdajì 22 jẹ́ 11. Nítorí náà:

```
(100 − 11) ÷ 1 = 89
```

Pípù 89 ni ààyè rẹ̀. 1.0911 ni ibi ikú.

5/ Ẹ dín lẹ́fẹ́réèjì kù sí 1:200 wàyí, kí lọ́ọ̀tì má yí padà. Ìdógò di 55, ìdajì rẹ̀ 27.5, ààyè wá di pípù 72.5. Ṣé ẹ rí i? Lẹ́fẹ́réèjì kéré, ikú tún yá! Ṣùgbọ́n ẹ padà sí 1:500, kí ẹ fi lọ́ọ̀tì 0.01 wọlé: ààyè yín á di pípù 989. Lọ́ọ̀tì ló sún ibi ikú síwájú.

6/ Ohun tí ẹ̀gbọ́n wá ṣe nìyí. Ọjà já sí 1.0960, ó ti pàdánù dọ́là 40. Ó ní ọjà ti pọ̀, ó tún ra 0.10 mìíràn. Ìdógò di bíi 44, pípù kan sì di dọ́là 2. Dọ́là 60 ló kù, bùrókà á dá sí i tó bá ku 22. Dọ́là 38 péré, pípù 19. Ibi ikú gbéra láti 1.0911, ó gòkè wá pàdé rẹ̀ ní 1.0941.

7/ Ní 1.0941 wọ́n pa òwò àkọ́kọ́ dé, torí òun ló ń pàdánù jù. Ní nǹkan bíi 1.0930 ìkejì tẹ̀ lé e. Dọ́là 11 ló kù. Ọjà dé 1.0925, ó yíjú, kó tó di alẹ́ ó ti wà ní 1.1010. Ká ní ó fi òwò àkọ́kọ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́ ni, ìkìlọ̀ gan-an ò bá má dé. Ó mọ ibi tí ọjà ń lọ o, lọ́ọ̀tì ni kò jẹ́ kó débẹ̀.

8/ Àmọ́ ìṣirò yìí níbi tó mọ. Ọjà lè fo ibi ikú kọjá. Ní January 15, 2015, báńkì àpapọ̀ Siwisalándì dédé yọ ọwọ́ lórí iye 1.20 tí wọ́n ti di yúrò mú sí láti 2011. Kò sí ẹni tó fẹ́ rà níbi tí àwọn èèyàn fẹ́ jáde sí. Ọ̀pọ̀ jẹ gbèsè ju owó tí wọ́n fi wọlé lọ, Àlípárì ti ìlú Ọba sì kógbá sílé.

9/ Nítorí náà, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ iye tí ẹ lè pàdánù, ẹ fi iye pípù tí ẹ máa gbà kí ọjà fi ṣòdì sí yín pín in. Dọ́là 2 lórí pípù 20 jẹ́ sẹ́ǹtì 10 lórí pípù kan: lọ́ọ̀tì 0.01. Ẹ máa wo `Margin Level` kí ẹ tó fi kún òwò, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

10/ Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ńkọ́? Ẹ yéé gbé èrè nìkan síta. Ẹ fi lọ́ọ̀tì àti owó inú àkáǹtì sí i. Ẹni tó bá gé méjèèjì kúrò nínú fọ́tò, ohun tó ń fi pa mọ́ nìyẹn.