Ọwọ́ Tó Ń Fúnni Ló Ń Wà Lókè

Mi ò rò pé ọmọ Yorùbá kan wà tí a ní láti túmọ̀ òwe yìí fún. Ẹni tó ń fúnni, ọwọ́ rẹ̀ ló wà lókè. Ẹni tó ń gbà, ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀ wà, iye tí wọ́n bá sì jù sí i náà ló máa kó. Ẹni tó bá ti gbára lé owó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti fi wọ iléèwé rí mọ ìyókù. Gọ́tà ló mú mi rántí rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, òjò òru kan rọ̀ ní Fádèyí. Gọ́tà iwájú ilé wa, tó ti dí tipẹ́, kún àkúnya, omi dúdú gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi. Rímù bébà mẹ́rìnlá ló rin gbìndìn, pẹ̀lú ìwé ìpè ìgbéyàwó tí mo ti tẹ̀ tán tí oníbàárà fẹ́ wá gbé láàárọ̀. Mo kó rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù àti owó pátákó mi dání, mo gba ọ́fíìsì káńsù kan lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn níwà. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Alokéṣọ̀n tó wọlé lóṣù yìí, owó oṣù òṣìṣẹ́ ló gbé e tán. Ẹ jẹ́ ká máa wo ti oṣù tó ń bọ̀.”

Inú bí mi títí mo fi délé, àmọ́ nígbà tí mo jókòó rò ó, mo rí i pé kò purọ́ fún mi. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 to iṣẹ́ káńsù sílẹ̀ kedere: gọ́tà, ojú ọ̀nà àdúgbò, ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìsìnkú, kíkó ìdọ̀tí. Iṣẹ́ tó kan ara wa lójoojúmọ́ ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n owó tí wọn yóò fi ṣe é, Àbújá ni wọ́n ti ń pín in, Ìkẹjà ló sì ń gbà kọjá kó tó dé Ṣómólú tàbí Bàrígà. Gọ́tà mi kò lè ṣàn ju ohun tí ọwọ́ méjì wọ̀nyẹn bá jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ lọ. Ìdájọ́ mi nìyẹn, mi ò sì ní yí i padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi owó tí ojú lè rí ṣàlàyé rẹ̀. Lóṣooṣù, ìgbìmọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní Fáàkì máa ń jókòó ní Àbújá láti pín owó tó wọ àpò àpapọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti orí epo rọ̀bì àti owó-orí ilé-iṣẹ́ ńlá. Ká ní wọ́n ti yọ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó ni epo kúrò, tó wá ku bílíọ̀nù kan náírà. Ìjọba àpapọ̀ á kọ́kọ́ mú 526.8 mílíọ̀nù. Ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì á pín 267.2 mílíọ̀nù. Gbogbo káńsù Nàìjíríà, 774, á pín 206 mílíọ̀nù tó kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Bàrígà wà nínú 206 mílíọ̀nù yẹn. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn 82.4 mílíọ̀nù, ni wọ́n ń pín ní dọ́gba-dọ́gba: káńsù tó ní èrò bí yanrìn àti èyí tó jẹ́ abúlé mélòó kan, iye kan náà ni. Ìdá 30 ń tẹ̀ lé iye èèyàn, ìyókù ń tẹ̀ lé ìbú ilẹ̀ àti nǹkan mìíràn. Tí a bá pín 82.4 mílíọ̀nù sí ọ̀nà 774, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 106,460 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kánò ní káńsù mẹ́rìnlélógójì nínú ìwé òfin, nítorí náà ó kó bíi mílíọ̀nù 4.68. Èkó ní ogún péré, ó kó mílíọ̀nù 2.13. Nínú ètò ìkànìyàn 2006 sì rèé, iye èèyàn tí wọ́n kọ fún ìpínlẹ̀ méjèèjì kò jìnnà síra.

Iye èèyàn gan-an kò gbè wá. Ní 2006 yẹn, ìjọba àpapọ̀ ka èèyàn 402,673 ní Ṣómólú. Ìpínlẹ̀ Èkó tó ka tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní 1,025,123 ni. Ti ìjọba àpapọ̀ ni Àbújá ń lò. Látìgbà náà wọn kò tíì ka orílẹ̀-èdè yìí mọ́. Ní ti ìbú ilẹ̀, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Fádèyí dé etí ọ̀sà Bàrígà á mọ̀ pé kò sí ohun tí a lè rí gbà níbẹ̀.

Ìdí rèé tí Èkó fi gbìyànjú láti gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ní 2003, lábẹ́ Gómìnà Bọ́lá Tinúbú, wọ́n fi káńsù mẹ́tàdínlógójì kún ogún, gbogbo rẹ̀ di mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Wọ́n yọ Bàrígà lára Ṣómólú. Wọ́n dìbò sí gbogbo wọn ní oṣù kẹta 2004. Kò pẹ́ sígbà náà tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe san owó káńsù Èkó mọ́. Kì í ṣe ti àwọn tuntun nìkan o. Ti ogún tí òfin mọ̀ náà ló dúró. Èkó gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, wọ́n sì dájọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá 2004: Ààrẹ kò láṣẹ láti dá owó náà dúró, ṣùgbọ́n àwọn káńsù tuntun kò tíì pé títí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi kọ orúkọ wọn sínú òfin. Èkó yí orúkọ mẹ́tàdínlógójì yẹn padà sí àgbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀. Síbẹ̀ owó kò wá. Ìgbà tí Ọbásanjọ́ lọ tí Yar'Adua dé ní 2007 ni wọ́n tó tú bíi bílíọ̀nù 10.8 náírà sílẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí ọwọ́ òkè fi pa dé, bí ìdájọ́ tilẹ̀ ti jáde.

Ṣùgbọ́n níbi yìí gan-an ni mo ti rí i pé òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ fẹ́ ṣì wá lọ́nà. Ó ń mú ká rò pé ọrẹ ni wọ́n ń ta wá. Ọrẹ kọ́. Nígbà tí mo bá ra yíǹkì àti bébà, mo ń san Fáàtì lórí rẹ̀, òfin sì ní kí 35 nínú gbogbo 100 náírà Fáàtì tí wọ́n bá ń pín jẹ́ ti àwọn káńsù. Owó ara wa ló ń rin ìrìn àjò lọ sí Àbújá tó sì ń padà bọ̀. Òwe tó bá a mu ni èyí tí àwọn ìyálọ́jà mọ̀: alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n.

Alágbàtà wa wà ní abala 162 ìwé òfin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkáùntì àjọni tí owó gbogbo káńsù rẹ̀ yóò máa wọ̀. Tí owó bá ti débẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó oṣù tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yọ owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n á yọ ti àwọn ọba. Mi ò sọ pé kí tíṣà má gba owó oṣù rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé alága káńsù kò sí níbi tí wọ́n ti ń pinnu iye tíṣà tàbí iye owó oṣù wọn, òun ni wọ́n sì máa ń bú pé gọ́tà dí. Lẹ́yìn gbogbo yíyọ yìí, ní Èkó, ohun tí wọ́n kọ ogún orúkọ sí ni mẹ́tàdínlọ́gọ́ta á tún pín. Ìpín kan tí Àbújá fi orúkọ Ṣómólú rán wá, Ṣómólú àti Bàrígà ni yóò jẹ nínú rẹ̀. Ìwé òfin kan náà ní kí ìpínlẹ̀ fi ìpín kan nínú owó tó ń wọlé fún òun fúnra rẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n ìgbà mélòó la ti gbọ́ kí gómìnà kan dìde sọ iye tó san lórí ìyẹn?

Àwọn kan á ní káńsù ń jalè, pé ẹni tó bá fi owó lé wọn lọ́wọ́ dà á sómi ni. Mo ti gbọ́ ọ fún ogún ọdún. Ẹni tí o kò jẹ́ kó fọwọ́ kan owó oṣù rẹ̀ rí, o kò tíì ní ẹ̀rí pé ó ń ná ìnákúnàá. Ẹ jẹ́ kí owó dé ọwọ́ alága kan tí mo lè bá lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ná. Mo mọ ilé rẹ̀, n kò mọ ilé ẹnì kankan nínú ìgbìmọ̀ Àbújá.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbọ́ irú ẹjọ́ mi yìí. Wọ́n ní ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ di owó káńsù mú mọ́, kí Àbújá máa san án tààrà fún káńsù tí aráàlú dìbò yàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn jó lọ́jọ́ náà. Èmi náà yọ̀, títí mo fi bi ara mi pé: ta ni wọ́n máa san ti Bàrígà fún? Orúkọ 774 ló wà nínú ìwé òfin. Ṣómólú wà ńbẹ̀. Bàrígà kò sí. Tí wọ́n bá tẹ̀ lé ìdájọ́ yìí bó ṣe rí, àkáùntì Ṣómólú á kún, ti Bàrígà á sì di ohun tí Ṣómólú tàbí gómìnà bá fẹ́ ṣe lóore. Ọdún kan gbáko lẹ́yìn ìdájọ́, ní ọjọ́ 12 oṣù keje 2025, a tún dìbò sí káńsù mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ní Èkó. Owó ṣì ń gba àkáùntì àjọni kọjá. Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ nìkan ló lè fi orúkọ mẹ́tàdínlógójì yẹn kún ìwé òfin, ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti fi fọwọ́ lẹ́rán.

A kò tilẹ̀ lè sọ pé kí káńsù fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá tirẹ̀. Owó ilé tí a ń pè ní tẹnẹ́mẹ́ǹtì, ti káńsù ni nínú ìwé òfin. Láti 2001 ni Èkó ti ṣòfin tó pa á pọ̀ mọ́ owó ìlò ilẹ̀, ìpínlẹ̀ ló sì ń gbà á. Lára ohun tó ṣẹ́ kù fún wọn ni owó ṣọ́ọ̀bù, irú èyí tí rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo dé ọ́fíìsì yẹn.

Lóṣooṣù ni wọ́n máa ń gbé ìwé ìpín jáde ní Àbújá, káńsù 774, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀. 2004 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti wá ìlà Ṣómólú rí, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó rin díẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣeé kà. Ìlà náà sọ ohun tó kúrò ní Àbújá. Kò sọ ohun tí wọ́n yọ ní Ìkẹjà, kò sì sọ ohun tó kọjá sí Bàrígà. Ìbéèrè méjì yẹn ni mo kọ sẹ́yìn rẹ̀. Mo ń mú un padà lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀dà kan wà fún alága rẹ̀, òmíràn wà fún aṣojú wa ní Ilé Aṣòfin Èkó.