"Mo gbà" tí kò ṣeé gbà padà

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan tó ń ta tòmátì n'Íbàdàn fẹ́ yá 20,000 náírà lórí fóònù. Ó tẹ "Mo gbà", áàpù náà sì wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ láti wo bí owó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde. Ohun tó gbà kò ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, ilé-iṣẹ́ náà kó àtẹ̀jíṣẹ́ gbogbo oníbàárà rẹ̀ jọ, ó fi kọ́ mọ́dẹ̀lì tí yóò máa dá àwọn ẹlòmíì lóhùn. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní ó ṣáà tẹ "Mo gbà".

Èmi ò rò pé ó gbà. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ní kí ìdí tí wọ́n fi ń gba dátà ṣe pàtó, kí wọ́n má sì lò ó fún ohun tí kò bá ìdí yẹn mu. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, àti pé ẹni tó yọ̀ǹda lè gbà á padà.

Gbígbà á padà yìí gan-an ni wàhálà. Nínú ìwé gbèsè, ẹ lè fa igi lé orúkọ ìyá náà. Mọ́dẹ̀lì kò ní ojú ìwé tirẹ̀. Àìmọye nọ́ńbà ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn ló sì jọ tún wọn ṣe díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀ ó máa ń há nǹkan sórí. Ní 2020, àwọn olùwádìí yẹ 1,800 ọ̀rọ̀ tí GPT-2 kọ jáde wò. Ó lé ní 600 tó jẹ́ àdàkọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì àwọn ènìyàn sì wà nínú wọn. Òmíràn wà tó jẹ́ pé inú ìwé kan ṣoṣo ló ti rí i.

Wọ́n á ní àwọn ti yọ orúkọ kúrò. Ṣùgbọ́n bí àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá sọ pé "Ìyá tó ń ta tòmátì lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, èsì àyẹ̀wò yín ti dé", orúkọ wo ni ọjà tún ń wá? Àtẹ̀jíṣẹ́ sì ní olówó méjì: ẹni tó fi í ránṣẹ́ kò tẹ nǹkan kan rí. (Ẹ wo iye ọ̀rọ̀ yín tó wà nínú fóònù ẹlòmíì.)

Wọ́n lè tún mọ́dẹ̀lì náà kọ́ láìsí ọ̀rọ̀ ìyá yìí, ṣùgbọ́n owó ńlá ni, ta ni yóò ná an nítorí oníbàárà kan? Nítorí náà, kí wọ́n tó kọ́ ọ ni kí wọ́n ti bèèrè. Kí ìbéèrè náà dá dúró lọ́tọ̀, kí ẹni tó bá kọ̀ ṣì rí owó rẹ̀ yá, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní Yorùbá, Haúsá tàbí Wolof pé: "Lẹ́yìn tí a bá ti lò ó, a lè má rí i yọ mọ́." Mo fẹ́ mọ iye ènìyàn tí yóò ka gbólóhùn yẹn tán tí yóò ṣì tẹ "Mo gbà".