Ohun Tí Ẹni Tí Wọ́n Dínà Mọ́ Ṣì Lè Rí

Àṣìṣe ni fún ẹnikẹ́ni láti rò pé títẹ «Block» lórí WhatsApp fi òun pamọ́ pátápátá. Òótọ́ ni pé ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ ẹni tí a dínà mọ́ kò ní wọlé mọ́, tí àmì ẹyọ kan ṣoṣo yóò sì máa wà lára ohun tí ó bá fi ránṣẹ́, nítorí pé àmì kejì, tí ń fi hàn pé iṣẹ́ ti dé, kò ní yọ, kódà bí wọ́n bá ṣí ọ̀nà náà lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, irú bí ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ kàwé, olúkúlùkù yóò ṣì máa ka ohun tí ẹnìkejì bá kọ síbẹ̀. «Mute» ní tirẹ̀ kò ju pípa ìró ìkìlọ̀ lọ, nítorí pé iṣẹ́ ṣì ń wọlé. «Report» ni a fi ń fẹjọ́ ẹni sun iléeṣẹ́ WhatsApp, tí yóò gba iṣẹ́ márùn-ún tí onítọ̀hún fi ránṣẹ́ kẹ́yìn láìjẹ́ kí ó mọ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí oníjìbìtì bá ń dà láàmú má ṣe dúró sórí ìdínà nìkan. Kí ó fẹjọ́ rẹ̀ sùn pẹ̀lú.